Ìtàn Ẹran Tó Sọnù, Láìsí Ọ̀rọ̀ Tó Ju Sílébù Méjì Lọ

Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Kó kọ ìtàn kan fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ìtàn nípa ewúrẹ́ tó sọnù. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìtàn náà tó ju sílébù méjì lọ. Ẹni tó bá jókòó ti iṣẹ́ yìí ní èdè Yorùbá yóò kọsẹ̀ kó tó kọ ìlà kìíní tán, torí pé sílébù mẹ́ta ni ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ ní: e, wú, rẹ́. Ẹran tí a fẹ́ máa wá kiri kò lè fi orúkọ tí gbogbo ilé ń pè é wọ inú ìtàn ara rẹ̀.

Irú òfin báyìí ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń kọ ìwé ọmọdé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Láti àwọn ọdún 1860 ni wọ́n ti tún ìtàn Rọ́bínsìn Kúrúsò kọ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ọ̀rọ̀ onísílébù kan. Ní 1960, ará Amẹ́ríkà tí ayé mọ̀ sí Dókítà Súùsì tẹ ìwé ọmọdé kan jáde tó jẹ́ pé 50 ọ̀rọ̀ péré ló fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sílébù kan-kan ni 49 nínú wọn ní. Èrò wọn ni pé ọ̀rọ̀ tó kúrú kì í dẹ́rù ba ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa.

Bí a bá gbé òfin onísílébù kan yẹn wá sílé wa, kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ìtàn tí a bá fi kọ kò ní lè ní ilé nínú, tàbí ọmọ, tàbí omi, tàbí iṣu. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í sábà kéré sí sílébù méjì, torí pé fáwẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: i-lé, ọ-mọ, o-mi, i-ṣu. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń jẹ́ onísílébù kan ní tiwa: lọ, wá, rí, jẹ, sá, ké, so, já. Nítorí náà, sílébù méjì ni ẹnu ọ̀nà tó yẹ Yorùbá. Bó bá kéré sí i, ọ̀rọ̀-orúkọ kò ní ríbi wọlé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé kò sófin mọ́.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ ká rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà kà á. Sílébù ni ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù tí ẹnu lè dá pè lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń gbé ohùn tirẹ̀. Ní Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù, èyí ló mú kí kíkà rẹ̀ rọrùn: ẹ ka fáwẹ́ẹ̀lì tó dún nínú ọ̀rọ̀, iye rẹ̀ nìyẹn. Ibi mẹ́ta péré ló ti lè tan èèyàn jẹ. Èkíní ni fáwẹ́ẹ̀lì aránmúpè. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ méjì, kì í ṣe mẹ́ta, torí pé n tó kẹ́yìn rẹ̀ kò dá dúró. Imú tí a fi pe ọ́ ni n ń tọ́ka sí. Èkejì ni n tàbí m tó ń gbé ohùn fúnra rẹ̀. Èyí sílébù kan gbáko ni. Ńlá jẹ́ méjì, ń inú "ó ń lọ" sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni fáwẹ́ẹ̀lì tí a kọ léra. Oòrùn jẹ́ mẹ́ta: o, ò, rùn. Àwọn ìwé àtijọ́ kì í kọ fáwẹ́ẹ̀lì méjì níbi báyìí; õ kan ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á fi àmì fa orí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú ka sílébù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rò pé méjì ni. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló ní kí a máa kọ gbogbo fáwẹ́ẹ̀lì tí etí bá gbọ́. Ó dára fún iṣẹ́ wa yìí, ojú àti etí ń ka iye kan náà.

Ó yá, ká padà sórí ẹran wa.

Bí a bá to àwọn ẹranko síwájú òfin yìí, ohun kan hàn tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹran igbó ń wọlé wẹ́rẹ́: erin, ẹkùn, ẹfọ̀n, ejò, ọ̀bọ, ọ̀nì, ìgbín. Àwọn tó ń sùn sí ẹ̀yìn ilé wa gan-an ló ń dúró síta: ewúrẹ́, òbúkọ, àgùntàn, adìẹ, ológbò, màlúù, pẹ́pẹ́yẹ. Ajá, àgbò àti ẹṣin nìkan ló rí ọ̀nà. Ìjàpá pàápàá, olórí àlọ́, kò lè wọlé àfi kí a pè é ní Ahun. Bẹ́ẹ̀, ìtàn tó sún mọ́ ilé ni ọmọdé máa ń fẹ́ jù.

Ohun tó gba ewúrẹ́ là ni pé àwọn èèyàn wa kì í fi gbogbo ìgbà pè é ní ewúrẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá já lọ, "ẹran mi" ló máa ń ké. Sílébù méjì ni ẹran. Ṣùgbọ́n ẹran náà ni ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá sì gbọ́ pé "ẹran Títí kò sí mọ́" lè rò pé ẹnì kan ló lọ ṣí ìkòkò. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ tètè fún ẹran náà ní etí, àwọ̀ àti ohùn kí ó tó jẹ́ kó sọnù. Ohùn rẹ̀ pàápàá ní òfin. "Mẹ̀ẹ̀" jẹ́ sílébù méjì, ó wọlé. Bí a bá fà á gùn pẹ̀lú ẹ̀ kan sí i, ó ti di mẹ́ta.

Ohun tó yí ewúrẹ́ ká náà kò rọrùn. Èèkàn tí a ń so ó mọ́ jẹ́ mẹ́ta. Èèpo iṣu tó fẹ́ràn jù jẹ́ mẹ́ta. Koríko jẹ́ mẹ́ta. Àgbàdo tó máa ń jí jẹ jẹ́ mẹ́ta. A ó so ó mọ́ òpó dípò èèkàn, a ó sì fún un ní ewé. Àwọn ọmọ tó ń wá a lè jẹ́ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ́ márùn-ún, torí pé márùn-ún ti kọjá ààlà. Wọ́n lè jẹ́ mẹ́fà, méje tàbí mẹ́jọ, wọn kò sì lè jẹ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ògiri kò wọlé, ilẹ̀kùn kò wọlé, kékeré kò wọlé.

Ibi tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òǹkọ̀wé lóore nìyí. Àárọ̀ jẹ́ mẹ́ta, òwúrọ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìdájí jẹ́ mẹ́ta, oòrùn jẹ́ mẹ́ta. Báwo la ṣe fẹ́ sọ pé ilẹ̀ mọ́? Mo ti sọ ọ́ tán: ilẹ̀ mọ́. Dípò orúkọ àkókò, a rí gbólóhùn kan tó ń rìn. Ìrọ̀lẹ́ kò wọlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣú. Kékeré kò wọlé, ṣùgbọ́n ó kéré. Rẹ́rìn-ín jẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n èèyàn lè bú sí ẹ̀rín. Nítorí náà jẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n torí wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òfin náà bá lé ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn kan jáde, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń wá gba ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ìtàn ọmọdé ń fẹ́, torí pé ó fẹ́ kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀.

Ìtàn tí mo fi dán òfin náà wò ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ fi ìka ka sílébù ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá fura sí.

*Ẹran Títí*

Títí ní ẹran kan. Ẹran náà dúdú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan funfun. Bí ó bá rí ewé, á jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá rí Títí, á ké: "Mẹ̀ẹ̀!"

Ilẹ̀ mọ́. Títí jí. Ó sáré lọ sí ìdí òpó. Okùn wà ní ilẹ̀. Ẹran kò sí.

"Bàbá, ẹran mi dà?"

"N kò rí i."

"Ìyá, ẹran mi dà?"

"Èmi náà kò rí i. Lọ wá a."

Títí pe Délé. Délé pe Ṣadé. Ajá Délé náà tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n wo abẹ́ igi. Kò sí. Wọ́n wo inú ọgbà. Kò sí. Wọ́n dé ọjà. Wọ́n rí ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀wà. Àwọn mẹ́ta kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà. Ṣé ẹ rí ẹran dúdú kan?"

"Tí etí rẹ̀ kan funfun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!"

"Ó jẹ ẹ̀wà mi, ó sì sá lọ."

"Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n padà sí ilé. Ẹ̀gbọ́n Délé ti lọ sí oko, ṣùgbọ́n ó fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sí ara òpó. Ó ń yára, kò fi àmì kan sí i. Délé kà á: "Ẹran Titi wa ni odo."

"Ó wà ní odò!" ni Títí wí.

Wọ́n sáré. Wọ́n dé odò. Omi ń lọ. Ẹja ń fò. Ẹran kò sí. Títí bú sí ẹkún.

Ìyá àgbà kan wá pọn omi. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé?"

Ṣadé ní, "Ẹ̀gbọ́n Délé kọ ọ́ pé ẹran wà ní odò, mà."

"Ṣé ó fi àmì sí i?"

"Rárá, mà."

Ìyá àgbà bú sí ẹ̀rín. "Ẹ padà sí ilé. Ẹ lọ wo ibi tí ẹ ti ń gún iyán."

Wọ́n sáré padà. Odó ńlá kan wà ní ẹ̀yìn ilé. Títí rí etí funfun kan fìrì.

"Mẹ̀ẹ̀!"

Ẹran ti lá iyán ara odó tán. Títí dì mọ́ ọn. Délé fi okùn so ó.

Ilẹ̀ ṣú. Títí mú ẹfun. Ó lọ sí ìdí òpó, ó sì fi àmì kan sí orí odo. Ó di odó.

Ìtàn náà tán níbẹ̀. Ẹ ó ti rí i pé kì í ṣe ẹran nìkan ló sọnù nínú rẹ̀. Àmì ohùn náà sọnù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kúkúrú ti máa ń di ìṣòro fún ọmọ tó ń ka Yorùbá.

Ẹ wo ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀-orúkọ onísílébù méjì tí fáwẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àyè méjì tí ohùn lè wà. Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ohùn òkè kì í wà lórí fáwẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà ohùn méjì péré ló lè wà níbẹ̀: àárín tàbí ìsàlẹ̀. Lórí sílébù kejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Méjì lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà. Ìyẹn ni pé lẹ́tà kan náà, bí i-g-b-a, lè gba ohùn mẹ́fà. Mélòó nínú mẹ́fà yìí ni èdè wa ń lò? Igba ni a ń ka owó dé. Igbá ni a fi ń bu omi. Igbà ni adému fi ń gun ọ̀pẹ. Ìgbà ni a ń sọ nípa rẹ̀ bí ọjọ́ bá ń lọ. Ìgbá ni a ń jẹ. Márùn-ún nínú mẹ́fà ti ní ẹni tó ń gbé inú wọn. O-d-o ní tirẹ̀ ní mẹ́ta tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀: odò tó ń ṣàn, odó tí a fi ń gún iyán, àti òdo tí olùkọ́ ń fún ẹni tó kùnà.

Ọ̀rọ̀ gígùn kì í ní irú ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ "ewure" láìsí àmì kankan, ó ṣòro kí ọmọ ṣì í pè, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń bá a du lẹ́tà wọ̀nyẹn. Bí ẹ bá kọ "odo", ọmọ náà gbọ́dọ̀ wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú gbólóhùn. Bí gbólóhùn náà kò bá sì ràn án lọ́wọ́, bíi ti Délé, odò ni yóò sáré lọ. Nínú ìtàn Títí nìkan, ẹ yọ àmì kúrò lára okùn tí a fi so ẹran, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára òkun tó wà ní Èkó tàbí okun tó wà lára ọ̀dọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára "wá", ẹ kò mọ̀ bóyá àwọn ọmọ náà ń wá ẹran ni àbí wọ́n wà níbì kan. Bí òfin wa bá ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tó wà lórí àmì ohùn ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, mo rò pé ẹni tó bá tẹ irú ìtàn yìí láìfi àmì sí i ti mú ohun tó yẹ kó rọrùn, ó ti sọ ọ́ di èyí tó le jù lọ nínú gbogbo ìwé ọmọ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àmì pọ̀ jù lójú ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti mọ ohùn wọ̀nyẹn kó tó wọ iléèwé. Kò sí ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́rin tí ẹ máa rán lọ gbé odó tó máa lọ sí odò. Etí rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ohun tó kù ni kí ojú rẹ̀ mọ̀ pé àmì yìí ni ohùn tó ti mọ̀ yẹn. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí olùkọ́ ka gbólóhùn kan, kí àwọn ọmọ kùn ún nínú imú láìpe ọ̀rọ̀ rẹ̀, dò-re-mí, bí ìlù ṣe máa ń sọ ọ́. Kí wọ́n wá tọ́ka sí àmì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Gbólóhùn kúkúrú bíi "Ẹran kò sí" dára fún èyí, torí pé sílébù mẹ́rin péré ló ní, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú rẹ̀: re, re, dò, mí. Àǹfààní gidi tí mo rí nínú òfin sílébù méjì nìyí. Gbólóhùn á kúrú tó fún ọmọ láti fi èémí kan kùn ún tán.

Òfin náà ní ibi tó ti lè ba iṣẹ́ jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lò ó sì gbọ́dọ̀ mọ àwọn ibẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí òǹkọ̀wé máa gé ọ̀rọ̀ sí méjì láti fi tan òfin jẹ. Ilé ìwé tí a kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé, iléèwé tí a kọ pọ̀ kò wọlé. N kò ka ìyẹn sí ẹ̀tàn, torí pé ọmọ mọ ilé, ó sì mọ ìwé. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "ọmọ kùnrin" tàbí "e wúrẹ́" ti fọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọmọ tó bá sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ yóò ní láti tún un kọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Ìdánwò tí mo máa ń lò ni pé kí ègé méjèèjì lè dá dúró nínú gbólóhùn mìíràn. Ìwé lè dá dúró. Kùnrin kò lè dá dúró.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ìpajẹ máa ń mú fáwẹ́ẹ̀lì kan kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ti pàdé. "Ní ilé" máa ń di "nílé" lẹ́nu. Nínú ìwé àkọ́kà, mo fara mọ́ kí a kọ ọ́ gbalaja, "ní ilé", "ní odò", kí ọmọ lè rí orúkọ náà ní gbogbo ara rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí kíkà lọ́ra díẹ̀, kò sì dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìwé ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì dùn mí jù láti pàdánù ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ya àwòrán nínú ìtàn wa: wéréwéré, kíákíá, gbìrìgbìrì, jẹ́jẹ́ẹ́jẹ́. Bàbá tàbí ìyá tó bá ń pa àlọ́ fún ọmọ kì í ṣe aláìlò wọ́n, wọ́n sì gùn. Fìrì ni mo rí mú wọlé, àti gbì, àti gbà, ẹ wo bí wọ́n ti mọ. Orin àlọ́ náà kò fẹ́ gba òfin yìí, torí pé ègbè sábà máa ń fa fáwẹ́ẹ̀lì gùn. Fún ìdí yìí ni mo ṣe gbà pé ìwé ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló yẹ kó ru òfin náà. Ọmọ tó bá ti lè ka ìtàn Títí láìdúró ti tó ẹni tó lè rí ewúrẹ́ kà, torí pé bí a ṣe kọ ewúrẹ́ náà ni a ṣe ń pè é, lẹ́tà kan kò fara pamọ́ nínú rẹ̀. Gígùn ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ọmọ Yorùbá dúró bó ṣe ń dá ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì dúró, níbi tí lẹ́tà ti máa ń wà láìdún.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, kó má fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́. Kó ka gbogbo ìtàn náà sókè fún ẹlòmíràn tó ń pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ á mú ohun tí ojú fò. Àwọn tó máa ń yọ́ wọlé jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í kíyè sí: nígbà náà kò ní wàhálà, méjì-méjì ni, ṣùgbọ́n lójijì jẹ́ mẹ́ta, báyìí jẹ́ mẹ́ta, kékeré jẹ́ mẹ́ta, àbúrò jẹ́ mẹ́ta. Orúkọ ènìyàn náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Délé, Títí, Ṣadé, Bọ́lá, Ayọ̀ wọlé. Àlàbí, Àyìnkẹ́ àti Adéọlá kò wọlé. Bí ọ̀rọ̀ àyálò bá wà, ẹ má ṣe gbọ́kàn lé bó ṣe kúrú tó níbi tó ti wá: bọ́ọ̀lù jẹ́ sílébù kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́ta ló jẹ́ lẹ́nu wa, torí pé a kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Mọ́tò wọlé, fọ́ọ̀nù kò wọlé.

Iṣẹ́ kò tán lọ́wọ́ òǹkọ̀wé nígbà tí ìtàn bá jáde lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to lẹ́tà lè gba ẹ tàbí ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀, kó sì ju àmì orí rẹ̀ nù, tàbí kó gbé e lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà kan kí wọ́n tó tẹ èyí tó pọ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù ka gbogbo àmì lórí rẹ̀. Nínú ìtàn Títí, ìlà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju gbogbo ìyókù lọ: èyí tí ẹ̀gbọ́n Délé fi ẹfun kọ sára òpó. Ìlà yẹn nìkan ni kò ní àmì ohùn rárá nínú gbogbo ìwé náà. Aṣàtúnṣe tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ti ń fi àmì sí ohun gbogbo láti ojú ewé kìíní, lè dé ibẹ̀ kó sì fi tirẹ̀ sí i. Bó bá fi odó síbẹ̀, kò sí ìdí fún àwọn ọmọ láti lọ sí odò. Bó bá fi odò síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n Délé ti di onírọ́. Ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀: kí ó fi ìlà yìí sílẹ̀ bó ṣe wà.